Sítírókù, ìṣubú ní balùwẹ̀, òtútù àyà: èwo ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ pátápátá?

Haosi_Àárọ̀ (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n dá ìwé ohun tó fa ikú padà fún mi láti ọ́fíìsì rẹ́kọ́ọ̀dù, mi ò sì mọ ibi tí mo ti ṣì í. Bàbá ẹni ọdún 64 ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tó ọdún 10, ìtọ́ ṣúgà ọdún 6. Wọ́n bá a nílẹ̀ balùwẹ̀ ní ìdájí, iwájú orí rẹ̀ ya díẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, kò lè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ keje ní wọ́ọ̀dù, ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń dún. Ó kú lọ́jọ́ kọkànlá, aago 3:40 òru. Àwọn ẹbí fẹ́ sin ín kí ìrun Ọ̀sán tó wọlé, ìkánjú ni mo fi kọ ọ́ báyìí:

(a) Ọkàn àti èémí dúró
(b) Òtútù àyà
(c) Ìtọ́ ṣúgà
(d) Ẹ̀jẹ̀ ríru
Apá Kejì: sítírókù, ìṣubú

N kò kọ iye àkókò síwájú ìkankan. Báwo ni kí n ṣe tò ó?

Ọmọ_Ìpéru
Kò le rárá. Ẹ mú ìwé tí ospítù fún yín lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, wọ́n á bá yín ṣe sẹ̀tífíkéètì ikú. Kí ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání.

Akọ̀wé_Rẹ́kọ́ọ̀dù (Ìkẹ́nnẹ́)
Ọmọ Ìpéru, èyí tí ẹbí ń gbà lọ́hùn-ún kọ́ nìyí. Ìwé tí dókítà fúnra rẹ̀ ń kọ ni wọ́n ń sọ, òun ló ń ṣáájú ti Ìkànìyàn.

Sista_Wọ́ọ̀dù_Ọkùnrin (Ṣágámù)
Dókítà, mi ò rí ohun tó burú nínú (a) yẹn o. Ọdún 19 ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, gbogbo dókítà ló ń kọ ọ́. Ọkàn dúró, ènìyàn kú. Kí ló tún kù? Iye àkókò tí ẹ kò kọ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a padà.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù (mo ti fẹ̀yìntì, Ṣágámù)
Sista ríran síbi kan, iye àkókò yẹn wà lára rẹ̀. Òun nìkan kọ́.

Haosi, kí n tó sọ ohunkóhun: ṣé ẹ ya sítí sikáànù orí rẹ̀? Níbo ni ẹ̀jẹ̀ wà? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ bóyá ìwọ lo ni ìwé yìí láti kọ, tàbí kọ́rónà, aláṣẹ ìjọba tó ń wádìí ikú.

Haosi_Àárọ̀
A yà á, sà, lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló wá mọ́tò tó gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀ lápá òsì, ní ibi tó jinlẹ̀ lọ́ọ́kan àárín, díẹ̀ sì ya wọ ihò omi inú ọpọlọ. Egungun orí kò sán. Kò sí ẹ̀jẹ̀ láàárín agbárí àti ọpọlọ. Ìfúnpá rẹ̀ nígbà tó dé jẹ́ 230/130. Sà, ṣé ti kọ́rónà lè wọ̀ ọ́ ni? Wọ́n ti sin ín lánàá o.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù
Fọkàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ya níbi tó jinlẹ̀ yẹn, lára ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ló bẹ́. Ilẹ̀ balùwẹ̀ kọ́ ló bẹ́ ẹ. Inú ọpọlọ ló kọ́kọ́ ya, ẹsẹ̀ yẹ̀, bàbá wá ṣubú, orí gbá ilẹ̀. Ìṣubú jẹ́ ọmọ sítírókù, kì í ṣe bàbá rẹ̀. Kò pa á, nítorí náà mú un kúrò lórí ìwé náà. Ọgbẹ́ iwájú orí yẹn, inú fáìlì ni àyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ìwé sikáànù sọ pé ẹ̀jẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ agbárí, lẹ́yìn òde ọpọlọ, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ìṣubú ló sáábà máa ń fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ikú tí ìṣubú bá sì fà kì í ṣe ikú àìsàn. Nígbà náà o kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i kí o sì ní kí wọ́n máa gbé òkú lọ, àní bí lèmọ́mù bá ti dúró lẹ́nu géètì. O máa pe kọnsọ́tántì rẹ, ẹ ó sì fi tó kọ́rónà létí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ospítù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe mi, mo kọ "sítírókù" fún ìyá àgbà kan tó ń sùn ṣáá tí apá kan rẹ̀ sì rọ. A ò ní sikáànù nígbà yẹn. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣúárì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé màmá ṣubú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni orí ti ń fọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mi ò béèrè, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Wọ́n yẹ òkú wò, ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ti pẹ́ ló wà lábẹ́ agbárí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kọ "sítírókù", mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ìṣubú láàárín oṣù méjì sẹ́yìn.

Ó dáa, ká padà síbi ìlà rẹ. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo ń kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mò ń fi "ló fa" so ìlà kan mọ́ èyí tó wà lókè rẹ̀, kí etí mi gbọ́ ọ. Ka tìrẹ. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ìtọ́ ṣúgà." Etí ti kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì a máa gbé ara ẹnì kan bí ayálégbé méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò bí èkejì. "Ìtọ́ ṣúgà ló fa òtútù àyà." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lára ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ nìyẹn? Sítírókù tó gbé bàbá wá sí ospítù, o lọ fi sí Apá Kejì bí àlejò.

Sọ fún mi: kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, kí ara rẹ̀ tó gbóná?

Haosi_Àárọ̀
Ha. Sà, rọ́bà imú ló ń fi jẹun. Lọ́jọ́ kẹfà ó fa rọ́bà náà yọ lálẹ́. Kí a tó fi òmíràn sí i, ìyàwó rẹ̀ ti po ẹ̀kọ mímu, ó ń fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ló gbọ́ ìkọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ di 39.2, èémí rẹ̀ ń sáré, èkísíréè sì fi hàn pé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ti funfun.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù
Okùn rẹ nìyẹn, ó ti pé. Sítírókù gba agbára ìgbémì lọ́fun, oúnjẹ tàbí itọ́ gba ọ̀nà èémí, ẹ̀dọ̀fóró wú, ó kú. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ fóòmù, o mọ orúkọ wọn. Ní èdè wa, báyìí ni mo máa kọ ọ́:

(a) Òtútù àyà nítorí oúnjẹ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró: ọjọ́ 4
(b) Ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ, apá òsì: ọjọ́ 11
(c) Ẹ̀jẹ̀ ríru: nǹkan bí ọdún 10
(d) [òfìfo]
Apá Kejì: ìtọ́ ṣúgà oríṣi kejì, ọdún 6

Kà á láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ, òun ló fa òtútù àyà. Etí gbà á. Wo iye àkókò náà pẹ̀lú: bí o ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń pẹ́ sí i, ọjọ́ 4, ọjọ́ 11, ọdún 10. Bí ìlà ìsàlẹ̀ bá kéré lọ́jọ́ ju ti òkè lọ, ìlà ti dojú rú. Ohun tí àyè yẹn wà fún nìyẹn, Sista, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí a kò bá mọ ọjọ́ gan-an, "nǹkan bí" tó.

Ìtọ́ ṣúgà wà ní Apá Kejì torí pé ó ran ikú lọ́wọ́, kò sí nínú okùn. Ara tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ kì í bá àkóràn jà dáadáa.

Sista_Wọ́ọ̀dù_Ọkùnrin
Bàbá, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn dúró dà? Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé nọ́ọ̀sì pé ó dúró ní 3:40.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù
Ibẹ̀ gan-an ni kó wà, Sista, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òkú tí ọkàn rẹ̀ kò dúró. Ẹni tí mọ́tò pa, ọkàn rẹ̀ dúró. Ẹni tí ibà pa, ọkàn rẹ̀ dúró. Ìlà tó bá bá gbogbo òkú mu kò sọ nǹkan kan nípa èyí. Ó tún jẹ ìlà kan mọ́ Haosi lọ́wọ́, òun ni sítírókù kò fi rí àyè dúró sí.

Akọ̀wé_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Kí n fi hàn yín bí ó ṣe rí lórí tábìlì tiwa. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò rí aláìsàn. Ohun tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ń kọ́kọ́ wò, mo sì ń bi ara mi pé, ṣé èyí lè fa gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀? Bí ó bá lè ṣe é, òun ni mo mú, òun la ó kà mọ́ ikú yìí. Bí kò bá lè ṣe é, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri nìyẹn. Nínú ti Haosi, ẹ̀jẹ̀ ríru kò lè fa ìtọ́ ṣúgà, nítorí náà mo máa kúrò lórí rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí n dúró lórí ìtọ́ ṣúgà. Ọkùnrin tí ọpọlọ rẹ̀ ya á wá di ẹni tí ìtọ́ ṣúgà pa nínú ìwé ìjọba. Sítírókù tó wà ní Apá Kejì kò lè bá a du ipò.

Nínú èyí tí Bàbá kọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kóòdù ICD-10 ní òfin kan: bí I10, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, bá wà tí sítírókù wà lókè rẹ̀, sítírókù ni kí a mú. I61 ni mo máa tẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn yọ ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò o. Tiwa ni kóòdù, tiyín ni okùn.

Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ má kọ àgékúrú. Lẹ́tà méjì tí dókítà kan fi ń pe àìsàn ọkàn, ẹlòmíràn fi ń pe àìsàn kíndìnrín.

Dókítà_Igbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)
Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní ohun kan láti sọ. Ṣebí ìlà mẹ́rin ni fóòmù ní, a kọ́ wa pé kí a kún un. Kí ló dé tí a kò kọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ́ ṣúgà pọ̀ sórí (c)? Ìtọ́ ṣúgà náà máa ń fa sítírókù.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù
Ẹni tó kọ́ yín pé kí ẹ kún un ló ṣì yín lọ́nà. Iye tí okùn bá gùn tó ni ẹ óò lò. Ìlà kan lè tó. Bí mẹ́rin kò bá tó, ẹ fa ìkarùn-ún. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fo ìlà kan láàárín.

Ti pé kí ẹ kọ méjì sórí ìlà kan: akọ̀wé á mú èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ìwọ lo mọ aláìsàn, ìwọ ni kó yàn. Mo gbà pé ìtọ́ ṣúgà ń fa sítírókù, àgàgà èyí tí iṣan dí. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀jẹ̀ ya níbi jíjinlẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ìfúnpá 230, ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo máa dá lẹ́bi.

Dókítà_Igbó
Ó yé mi, sà. Àmọ́ ẹ̀yin ní sikáànù. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin kò ní owó rẹ̀. Ká ní bàbá yìí kú láìyà á ńkọ́? Èmi máa ń kọ "ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ", torí pé orí fọ́ ọ, ó bì, ìfúnpá ga, ó sì dákú kíákíá. A kọ́ wa láti fi àmì wọ̀nyẹn dá a mọ̀.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù
Mo lòdì sí i. Àmì wọ̀nyẹn máa ń tan ni. Mo ti rí èyí tí ó jọ ẹ̀jẹ̀ yíya bí ìbejì, tí sikáànù sọ pé iṣan ló dí. Kọ "sítírókù, a kò mọ irú rẹ̀". Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó ní kóòdù tirẹ̀.

Akọ̀wé_Rẹ́kọ́ọ̀dù
I64 ni. Ẹ jẹ́ kí Dókítà Igbó sì mọ èyí: "ó jọ pé" tí ẹ ń kọ yẹn, òfin kóòdù ní kí n ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ "ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ya", I61 ni mo tẹ̀, bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ó ní sikáànù.

Dókítà_Igbó
Ó dáa bẹ́ẹ̀ ná! Èrò mi lẹ ń fẹ́, èrò mi ni mo kọ. Ìwé náà ní kí n sọ ohun tí mo gbàgbọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ mi, kò ní kí n mú ẹ̀rí ilé ẹjọ́ wá. Bí gbogbo wa ní ibi tí kò sí sikáànù bá ń kọ "a kò mọ", wọ́n á rò pé ẹ̀jẹ̀ kì í ya nínú ọpọlọ ará Ìjẹ̀bú.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù
Ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí o sọ yẹn. Èmi kò tíì gbà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ọmọ_Ìpéru
Ẹ má bínú, mo ṣi ìbéèrè gbọ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà yìí, mo lọ fa ìwé bàbá mi jáde. "Ọkàn àti èémí dúró" nìkan ló wà níbẹ̀, ohun mìíràn kò sí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Láìpẹ́ yìí dókítà bi àbúrò mi bóyá sítírókù tàbí àìsàn ọkàn wà nínú ìdílé wa, a wo ìwé, a ò rí nǹkan sọ. Ilé iṣẹ́ adójútòfò tó yẹ kó sanwó fún màmá wa náà ṣì ń béèrè àìsàn tó pa bàbá. Ṣé n lè ní kí ẹlòmíràn tún un kọ?

Akọ̀wé_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Ẹ̀gbọ́n, ẹlòmíràn kò lè kọ ọ́ láti orí afẹ́fẹ́. Ẹ padà sí ospítù tí bàbá ti kú pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì wọn, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà dókítà pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ fáìlì wò. Bí fáìlì bá ṣì wà, dókítà tó kọ ọ́ tàbí ọ̀gá ẹ̀ka náà lè kọ àtúnṣe. Bí fáìlì bá ti sọnù, n kò lè tàn yín, ó máa nira.

Haosi_Àárọ̀
Bàbá, ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ṣé kí n fi tìpẹ́ẹ̀sì pa èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, kí n kọ tuntun lé e? Ìkejì ni ti ẹ̀kọ. Ìyàwó bàbá náà ń bọ̀ lọ́la wá gba ìwé. Láti ọjọ́ tó ti kú ló ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé, ṣé ẹ̀kọ òun ló pa á. Bí mo bá kọ "oúnjẹ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró", ṣé kì í ṣe pé mo ti dá a lẹ́bi? Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ ní ìjàǹbá ni kí n pè é, kí n gbé e fún kọ́rónà.

Bàbá_Wọ́ọ̀dù
Má fi tìpẹ́ẹ̀sì kan ìwé yìí láéláé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń fa ìlà sọdá gbogbo ojú ewé tó bàjẹ́, a ó kọ "a ti fagi lé e", a ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́, a ó so ó mọ́ ìdí ìwé, a ó sì mú ewé tuntun. Béèrè lọ́wọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiyín bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ti ìyá yẹn: ẹni tí ègé oúnjẹ há lọ́fun tó sì kú lórí tábìlì, ìjàǹbá ni ìyẹn. Ẹni tí sítírókù gba agbára ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ máa ń gba itọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lóru, rọ́bà imú kò sì dá a dúró. Ìwọ kò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ ni tàbí itọ́, èmi náà kò mọ̀. Sítírókù ló ṣílẹ̀kùn, ìwé rẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlà (b). Kò sí ibi tí o ti máa kọ ṣíbí, ẹ̀kọ tàbí ìyàwó.

Sista_Wọ́ọ̀dù_Ọkùnrin
Níbẹ̀ yẹn mo bá yín lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́, káàdì "má fi oúnjẹ sí i lẹ́nu" kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àbí ó wà, Dókítà? Ìyẹn náà yẹ ní sísọ níbì kan, bí kì í bá ṣe lórí ìwé ikú.

Haosi_Àárọ̀
Kò sí, Sista. A ti gbé e lọ sí ìpàdé ikú ti Ọjọ́bọ̀.

Haosi_Àárọ̀ (ní ọjọ́ kejì)
Rẹ́kọ́ọ̀dù ti gba ewé tuntun. Kọnsọ́tántì wa fọwọ́ sí i, àmọ́ ó ní òun ì bá kọ ìtọ́ ṣúgà sí (d) lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo kà á sókè fún un láti ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá náà dé ní aago mẹ́wàá. Ó ní kí n ka ìwé náà fún òun, mo kà á lédè wa, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí mo dé "oúnjẹ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró" ó gbé orí sókè. Mo sọ fún un ohun tí Bàbá sọ, nípa itọ́ òru. Ó ní kí n tún ìlà kejì kà. Mo tún un kà. Ó ká ìwé náà sínú gèlè, ó sì dìde.